Dọ́là 31 tó kù nínú àkáǹtì rẹ

"Ẹ káàsán o, ọ̀gá mi. Àkáǹtì àkọ́kọ́ tí mo fi ń ṣe fórẹ́ẹ̀sì ti jóná. 400 dọ́là ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ti sọ ọ́ di 520 láàárín oṣù kan, ọjọ́ méjì péré ló fi lọ. 31 dọ́là ló kù. Inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ni mo ti yá owó náà, ìyàwó mi ò sì tíì gbọ́. Mo lè wá 200 dọ́là mìíràn lóṣù tó ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe lè dá owó yìí padà? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mo fi àkọsílẹ̀ gbogbo òwò tí mo ṣe ránṣẹ́ sí yín."

Àbúrò mi,

Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo sì fi bírò pupa sàmì sí i. Ó dùn mí gan-an, torí mo rí i pé o ti ṣe dáadáa fún oṣù kan kí ọ̀rọ̀ tó yíwọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀.

Òwò 34 ló wà nínú ìwé náà. Ya mẹ́ta tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ ná. Nínú 31 tó ṣẹ́kù, o jèrè nínú 19, o pàdánù nínú 12. Èrè rẹ ń lọ sí nǹkan bí 12 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, àdánù rẹ nǹkan bí 9. Ìyẹn ni pé 228 dọ́là wọlé, 108 jáde, 120 kù sí ọ lọ́wọ́. Bí 400 ṣe di 520 nìyẹn. Gbogbo ìgbà yẹn, lọ́ọ̀tì rẹ, ìyẹn ìwọ̀n wúrà tí o gbé, kò ju 0.03 lọ, kò sì sí ìkankan tí ibi tí a ń kọ S/L sí ṣófo, ìyẹn iye tí òwò yóò ti pa ara rẹ̀ bí ọjà bá kọjú ìjà sí ọ.

Wá wo Ọjọ́bọ̀. O ra wúrà ní lọ́ọ̀tì 0.10, ìgbà àkọ́kọ́ tí o máa gbé irú ẹ̀ rí. Wúrà já wálẹ̀ ní dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 80, S/L gbá ọ jáde, 38 dọ́là lọ. Aago tó wà nínú ìwé jẹ́ 17:12. Aago bróòkà rẹ fi wákàtí méjì ṣáájú ti Èkó, nítorí náà aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 12 lọ́sàn-án nìyẹn. Òwò tó tẹ̀ lé e ṣí ní 17:16. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré! Lọ́ọ̀tì náà sì ti di 0.20. Mo fi bírò yí ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn po, torí kò sí ẹni tó lè wo ọjà tuntun, kó ronú, kó pinnu, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin tí àdánù ń dùn ún lọ́wọ́. Owó tó lọ lo ń lé. 80 dọ́là tún bá a lọ, 402 ló kù.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, o ra 0.30 ní 15:24, ìyẹn aago kan kọjá ìṣẹ́jú 24 ní Èkó. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù kí ìròyìn NFP jáde, ìròyìn iye èèyàn tó ríṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lóṣù tó kọjá. Ibi S/L ṣófo. Ní lọ́ọ̀tì 0.30, dọ́là kan tí wúrà bá fi já wálẹ̀, 30 dọ́là ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ. Ó já ní dọ́là 5, 150 lọ. Dípò kí o jáde, o tún ra 0.30 mìíràn lé e, tí mo kà mọ́ òwò kan náà, kó lè "yá padà". Láti ìgbà yẹn, gbogbo dọ́là kan tí wúrà bá fi já ń gba 60 dọ́là. Kò ju dọ́là 3 àti àbọ̀ àti díẹ̀ lọ tó tún fi já tí bróòkà fi ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. 371 dọ́là lọ nínú ohun tí kò tó dọ́là 9 lórí wúrà. Wúrà tó ń tà ní nǹkan bí 3,300 dọ́là lọ́jọ́ náà, dọ́là 9 ò jọ ọ́ lójú rárá. Ó máa ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí kò sí ìròyìn kankan.

O kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà pé wúrà padà gòkè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kọjá ibi tí o ti rà á, pé o mọ ibi tí ọjà ń lọ. Mo lọ wò ó, òótọ́ lo sọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o dúró sí dáadáa. O mọ̀nà, owó rẹ sì tún tán. Ká ní 0.01 lo rà, àpapọ̀ ohun tí ìjábọ̀ yẹn ìbá gbà lọ́wọ́ rẹ kò tó 9 dọ́là, wàá sì wà níbẹ̀ nígbà tó padà gòkè. Nítorí náà, má lọ ra ẹ̀kọ́ míì nípa bí a ṣe ń mọ ibi tí ọjà ń lọ. Lọ́ọ̀tì ló jó àkáǹtì rẹ.

Bí o ṣe rí àyè gbé 0.30 pẹ̀lú 402 dọ́là yẹ kó yé ọ pẹ̀lú. Lọ́ọ̀tì kan wúrà jẹ́ oúnsì 100, nítorí náà 0.30 jẹ́ oúnsì 30. Ní 3,300 dọ́là oúnsì kan, wúrà 99,000 dọ́là lo gbé lọ́wọ́. Lẹ́fẹ́réèjì 1:1000 tí bróòkà fún ọ ni pé 99 dọ́là péré ni wọ́n dì mú lórí rẹ̀. Nígbà tí o tún ra ìkejì, o ti gbé ohun tó tó 198,000 dọ́là. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àṣẹ àjọ ESMA tó ń rí sí ọjà owó níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí bróòkà má fún oníbàárà kékeré ní ju 20 sí 1 lọ lórí wúrà. Lábẹ́ òfin yẹn, 402 dọ́là kò lè gbé ju wúrà 8,040 dọ́là lọ, ìyẹn nǹkan bí 0.02 lọ́ọ̀tì. Ọwọ́ rẹ ò tiẹ̀ ní lè tẹ 0.30 tí o bá fẹ́. Ohun tó mú wọn ṣòfin ni pé wọ́n rí i pé láàárín 74 sí 89 nínú 100 àkáǹtì àwọn oníbàárà kékeré ló ń pàdánù. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ níbí, ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi lé ara rẹ lórí.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún ọ. Ká ní òwò mẹ́ta tó kẹ́yìn gba 9 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan bíi ti àwọn àdánù ìṣáájú, 493 ni ì bá wà nínú àkáǹtì rẹ lónìí. Ìyẹn lè mú ọ rò pé iṣẹ́ náà ti mọ́ ọ lọ́wọ́, kí o kàn yẹra fún àṣìṣe mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n mo ka àwọn òwò 31 yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 27 nínú wọn jẹ́ rírà, oṣù tí wúrà ń gòkè lo sì fi rà á. Ẹni tó ń ra ohun tó ń gòkè yóò jèrè, yálà ó mọ̀ ọ́n ṣe tàbí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Òwò 31 kéré jù láti fi mọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni ká wádìí bóyá ọ̀nà tí o ń gbà ṣe é dára, pẹ̀lú owó tí kò lè ṣe ọ́ léṣe.

O béèrè bí o ṣe lè dá owó náà padà. Má ṣe dá a padà láti inú ọjà. Kí 31 dọ́là tó di 400, ó ní láti di ìlọ́po 13 ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ èrè 5 nínú 100 lóṣooṣù, tí kò já bọ́ rárá, yóò lò ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó débẹ̀, ẹni tó sì ń jẹ ìyẹn léraléra láìjá bọ́ ṣọ̀wọ́n. Bí o bá fi 400 sọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí o gbọ́dọ̀ dé, gbogbo òwò kékeré yóò máa dà bí ìyà lójú rẹ, lọ́jọ́ kan wàá tún gbé 0.30. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Àkáǹtì kejì wọn máa ń yára jóná ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí gbèsè àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé wọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, 200 dọ́là tí o fẹ́ wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ni ín. Fi owó oṣù rẹ san gbèsè náà bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀, má sì fi kọ́bọ̀ kan kún àkáǹtì títí wàá fi san án tán. Sọ fún ìyàwó rẹ pẹ̀lú, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ó le. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ nílé, kíá ló máa fẹ́ kí owó náà padà kí wọ́n tó mọ̀, ìkánjú yẹn sì ni mo rí nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin Ọjọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni lórí Wọ́tsáàpù tàbí Tẹlígíráàmù bá sọ pé òun lè bá ọ gba owó náà padà, tó ní kí o fún òun ní owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí master password rẹ, olè ni.

Ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ ni 31 dọ́là náà. Ó tó. Ọ̀pọ̀ bróòkà ní àkáǹtì onísẹ́ǹtì, níbi tí 31 dọ́là á ti jẹ́ sẹ́ǹtì 3,100. Àkáǹtì démò ò ní ṣe ọ́ láǹfààní báyìí. O ti mọ bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnì, ohun tó ń ṣe ọ́ ni bí o ṣe ń ṣe nígbà tí owó bá ń lọ, owó ò sì ń lọ nínú démò. Bó ti wù kí sẹ́ǹtì 30 kéré tó, tìrẹ ni, wàá mọ̀ ọ́n lára.

Kí o tó tẹ bọ́tìnì kankan, ṣírò lọ́ọ̀tì. Orí ni o ti máa ń mú un tẹ́lẹ̀, mo mọ̀, torí 0.02, 0.03, 0.10, 0.20, 0.30 kì í ṣe nọ́ńbà tó wá láti inú ìṣírò. Bó ṣe rí nìyí fún wúrà nínú àkáǹtì gbogbogbòò:

```
lọ́ọ̀tì = owó tí mo gbà láti pàdánù ní dọ́là ÷ (jíjìn S/L ní dọ́là × 100)
```

Àtẹ ọjà ló ń sọ ibi tí S/L yóò wà, ibi tí ọjà bá dé tí ọ̀rọ̀ rẹ ti di irọ́. Kì í ṣe àpò rẹ ló ń sọ ọ́. Ká ní ibẹ̀ jìn ní dọ́là 5 sí ibi tí o ti rà. Owó tí o gbà láti pàdánù jẹ́ ìdá kan nínú 100 àkáǹtì. Fún 400 dọ́là, ìyẹn jẹ́ 4 dọ́là. 4 pín sí 500 jẹ́ 0.008. Ṣé o rí nǹkan? Lọ́ọ̀tì tó kéré jù tí wọ́n gbà ọ́ láàyè láti gbé jẹ́ 0.01. Láti ọjọ́ kìíní ni àkáǹtì rẹ ti kéré jù fún wúrà, àní ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ. Pẹ̀lú S/L dọ́là 5, ó yẹ kí 500 dọ́là wà níbẹ̀ kí 0.01 tó bọ́ sí ìdá kan nínú 100. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ, wọ́n kàn ń fi wúrà hàn ọ́ torí ó ń yára rìn.

Nínú àkáǹtì onísẹ́ǹtì, ìdá kan nínú 100 owó rẹ jẹ́ sẹ́ǹtì 31. Níbi tí 0.01 bá ń mú sẹ́ǹtì kan lọ tàbí bọ̀ fún dọ́là kan tí wúrà bá rìn, S/L dọ́là 5 pẹ̀lú lọ́ọ̀tì 0.06 yóò gba sẹ́ǹtì 30. Ó bá a mu. Ṣùgbọ́n bróòkà kan yàtọ̀ sí èkejì lórí èyí, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwò ó. Lórí MT5, áàpù tí o fi ń ṣe òwò, nínú Market Watch, fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ wúrà, yan Specification, kí o wo Contract size. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ ni kí o fi rọ́pò 100 nínú ìṣírò náà.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìdá kan nínú 100 nìyí. Ká ní ọ̀nà rẹ ń jèrè ní ìdajì ìgbà, tó ń pàdánù ní ìdajì ìgbà. Ju owó ẹyọ sókè nígbà 100, ó ju ìdajì lọ pé wàá rí orí lẹ́ẹ̀mẹ́fà léra wọn níbì kan. Àdánù mẹ́fà léraléra kì í ṣe àmì pé ọ̀tá ń dọdẹ rẹ, ó máa wá. Bí o bá ń fi ìdá kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 100 dọ́là yóò di 94. Bí o bá ń fi 20 nínú 100 sílẹ̀, bí o ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, yóò di 26. Ẹni tó ní 94 máa sùn lóru. Ẹni tó ní 26 gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin kó tó padà síbi tó wà.

S/L náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, mo sì fi owó ara mi kọ́ ọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, mo ra yúrò sí owó Swítsálandì. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà ti ń di yúrò mú pé kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 1.20 láti ọdún 2011, nítorí náà mo fi S/L sí 1.1990, ọkàn mi balẹ̀. Ní aago mẹ́wàá àbọ̀ àárọ̀ ní Èkó, wọ́n kéde pé àwọn ò dì í mú mọ́. Nígbà tí mo padà wo fóònù, bróòkà ti pa òwò mi ní nǹkan bí 1.02. Kò sí ẹni tó fẹ́ rà láàárín méjèèjì. Lọ́ọ̀tì 0.05 péré ni, ó gba ju 900 dọ́là lọ lọ́wọ́ mi. Àṣẹ ni S/L, pé kí wọ́n tà á nígbà tí ọjà bá débẹ̀. Iye tí wọ́n máa tà á wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lójú ọjà lákòókò náà. NFP ń ṣe irú ẹ̀ ní kékeré lóṣooṣù: àlàfo láàárín iye tí a ń rà àti iye tí a ń tà máa ń fẹ̀, ọjà sì máa ń fò kọjá S/L. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ, fi iye tí o kọ sí S/L wé iye tí wọ́n fi pa á nínú History.

Nítorí náà, ní ọjọ́ NFP, tó sábà máa ń jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, má ní òwò kankan lọ́wọ́ láti ìlàjì wákàtí ṣáájú títí di ìlàjì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Aago kan àbọ̀ ni ní Èkó nígbà tí Amẹ́ríkà bá ti sún aago wọn síwájú. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, aago méjì àbọ̀ ni.

Fún ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi kò ju kí n yọ MT5 kúrò lórí fóònù lọ. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ti ń ṣí òwò, bí mo bá sì ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, mo pa kọ̀ǹpútà náà, ó di ọ̀la. Ṣe bẹ́ẹ̀. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó ṣí òwò: ìdí tí o fi fẹ́ rà, ibi tí S/L wà, lọ́ọ̀tì tí ìṣírò bá mú wá. Kí o tó ṣí i ni mo wí, torí ohun tí a bá kọ lẹ́yìn òwò máa ń jọ ọgbọ́n ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Òwò 50 ni mo fẹ́ kí o ṣe báyìí. Má ka èrè. Ka iye ìgbà tí lọ́ọ̀tì tó wà lórí MT5 yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé rẹ, àti iye ìgbà tí o sún S/L jìnnà sí i. Bí òwò kan bá wà láìní S/L, padà sí òwò kìíní, kí o tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Bí 50 bá pé láìsí àbùkù, tí gbèsè alájẹṣẹ́kù sì ti tán, a ó jọ wo bóyá èrè wà nínú wọn, nínú rírà àti nínú títà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá wà, o lè fi 100 dọ́là láti inú owó oṣù rẹ kún un, ìdá kan nínú 100 náà ni yóò ṣì máa jẹ́. Bí kò bá sí, sẹ́ǹtì díẹ̀ ló ná ọ láti mọ̀ ọ́n, a ó sì wá ọ̀nà míì.

Tí o bá ti ṣí àkáǹtì onísẹ́ǹtì náà, fi investor password rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn ń jẹ́ kí n rí òwò rẹ láìlè fọwọ́ kàn án. Alẹ́ Sátidé ni màá máa wò ó, torí náà, ya àwòrán ojú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ ti ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́jọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.